Lẹ́sìn Ìṣirò nílé yín n'Ìbàdàn: ₦120,000 lóṣù, ẹ wo iṣẹ́ tí owó náà ń ṣe

Ẹ̀yin òbí ọmọ SS3, ẹ kú ìnáwó ọmọ.

"Háà, ó mà wọ́n o!" Owó ńlá ni lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi kọ ọ́ sókè gàdàgbà, kẹ́ ẹ lè mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó kàn sí wa. Lẹ́sìn méjìlá ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí kan àtààbọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́sìn kan wá jẹ́ ₦10,000. Nínú rẹ̀, ₦6,500 jẹ́ ti tíṣà, torí tíṣà tí owó rẹ̀ kéré, ilé bíi mélòó kan ló máa sá dé lọ́jọ́ kan, á pẹ́ dé, á sì tètè lọ. Owó ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,500. ₦1,000 wà fún ìbéèrè WAEC àtẹ̀yìnwá tá à ń tẹ̀ sórí ìwé fún ọmọ yín. ₦1,000 tó kù jẹ́ ti àgbà tíṣà tó ń yẹ iṣẹ́ ọmọ wò, tó sì ń fi àbọ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí Wáásáàpù ní gbogbo Sátidé.

"Lẹ́sìn àdúgbò wa ńkọ́? ₦10,000 ni wọ́n ń gbà lóṣù." Ọmọ tó ti ń gba B3 tàbí C4, tó kàn fẹ́ máa fi ìbéèrè dánra wò, lẹ́sìn àdúgbò tó o. Ẹ má wulẹ̀ náwó sọ́dọ̀ wa. Ọmọ tá a wà fún ni èyí tó ń gba D7, E8 tàbí F9, tó ń kàwé, tó ń lọ lẹ́sìn, síbẹ̀ tí máàkì rẹ̀ ò kúrò lójú kan. Àṣìṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà pọ̀; ọ̀kan náà ló ń tún ṣe, tẹ́nikẹ́ni ò rí i. Ẹ wo èyí:

```
5 − 2(x − 3) = 5 − 2x − 6   ✗
5 − 2(x − 3) = 5 − 2x + 6   ✓
```

Ọmọ gbàgbé pé àmì ìyọkúrò tó wà níwájú 2 máa kan 3 tó wà nínú àkámọ́ náà. Ìlà kan péré, gbogbo ohun tó bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ti wọ́. Nínú kíláàsì ọmọ ogójì, wọ́n á fa igi pupa sí ìdáhùn, wọ́n á kọjá. Tíṣà wa á jókòó tì í, á wá ìlà tó ti ṣìnà, á fún un ní mẹ́wàá irú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì tún bi í lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní Pépà Kejì Ìṣirò WAEC, tó ní 100 máàkì, ìlà iṣẹ́ tó tọ́ ń gba máàkì, kì í ṣe ìdáhùn ìkẹyìn nìkan.

"Ṣebí a ti san owó ilé ìwé." Ẹ ti san án, àmọ́ ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ẹ̀rọ tàbí ìṣirò owó ní yunifásítì gbọ́dọ̀ gba C6 ó kéré tán nínú Ìṣirò. Máàkì JAMB tó ga ò lè dí àlàfo yẹn. Bí kò bá rí i gbà, owó ìdánwò mìíràn ni, ó sì lè gbà á ní ọdún kan sí i nílé.

"Ẹ bá wa dín in kù." A kì í dín owó lẹ́sìn kan kù, torí ti tíṣà la máa gé. Iye lẹ́sìn la lè dín: méjì lọ́sẹ̀, ₦80,000 lóṣù. Ọmọ méjì ní kíláàsì kan náà, ì báà jẹ́ ọmọ aládùúgbò yín, lè jókòó sídìí tábìlì kan: ₦160,000 fún àwọn méjèèjì. A ò gba ẹlẹ́kẹta, tíṣà ò ní lè wo ọwọ́ gbogbo wọn mọ́. Ẹni tó ń san ₦120,000 lè san ₦60,000 kí á tó bẹ̀rẹ̀, kó san ₦60,000 lẹ́yìn lẹ́sìn kẹfà.

"Tí mo bá sanwó tí nǹkan ò yí padà ńkọ́?" Bí ìkọ́ni wa ò bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ́yìn lẹ́sìn kẹrin, ₦40,000 rẹ̀ nìkan la máa mú, àá dá ìyókù padà láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta. A ò ṣèlérí A1 fẹ́nikẹ́ni, a kì í sì í ta ẹ̀spó. Ọmọ tí kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá máa fi owó yín ṣòfò, nítorí náà, bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ máa gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, a máa wá dán ọmọ wò nílé yín lọ́fẹ̀ẹ́: ìbéèrè 20, ìṣẹ́jú 60, àbọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bódìjà, Akóbọ̀, Jẹ́ríkò àti Olúyọ̀lé là ń dé. Ẹ tẹ àmì Wáásáàpù tó wà nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ àdúgbò yín àti ohun tí ọmọ gbà nínú Ìṣirò ní táàmù tó kọjá. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ là ń dáhùn.