Bọ́ọ̀tì Wásáàpù ìsọ̀ àdìrẹ yín: ohun tí yóò ṣe, ibi tó mọ, àti ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ káàárọ̀ mà,

Ẹ ṣeun fún ìpè ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí a tó fọwọ́ sí àdéhùn, ó yẹ kí ohun tí a jọ sọ wà lákọsílẹ̀.

Bọ́ọ̀tì náà yóò máa dá oníbàárà lóhùn lórí nọ́ńbà ìsọ̀ yín ní Ìtòkú, tọ̀sán-tòru, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Yóò sọ àdìrẹ tó wà nílẹ̀, ẹlẹ́kọ tàbí oníko, iye ọ̀pá márùn-ún, àti owó ìfiránṣẹ́ sí Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá. Yóò gba orúkọ àti àdírẹ́sì, yóò sì fà á lé ọmọ ìsọ̀ yín lọ́wọ́.

Ẹ bi mí bóyá ó lè máa ná ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Irú ẹ̀rọ yìí máa ń fẹ́ tẹ́ ẹni lọ́rùn jù: bí oníbàárà bá ní "ìyá ti gbà ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lánàá," ó lè gbà á gbọ́. Ní 2024, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kan ní Kánádà ní kí Air Canada sanwó fún èrò kan torí ẹ̀dínwó tí bọ́ọ̀tì wọn júwe lódì. Àwíjàre pé bọ́ọ̀tì ló sọ ọ́ kò ta létí wọn. Iye inú tábìlì owó nìkan ni tiwa yóò máa pè. Ẹni tó bá ti kọ "ẹ bá mi dín in kù," ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀.

Bọ́ọ̀tì kò ní jẹ́rìí sí owó. Àwòrán àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ẹ wo báńkì kí aṣọ tó jáde. Kò sì ní gbọ́ fóìsì ní ìpele yìí.

Òfin Wásáàpù kan wà tí n kò lè yí: bí wákàtí 24 bá kọjá lẹ́yìn tí oníbàárà kọ̀wé kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí Meta, tó ni Wásáàpù, ti fọwọ́ sí ṣáájú nìkan la lè fi ránṣẹ́, wọ́n sì lè gbowó lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má retí ìpolówó ọ̀fẹ́.

Owó iṣẹ́ jẹ́ ₦450,000, ìdajì ṣáájú. Ìtọ́jú jẹ́ ₦40,000 lóṣù, láìka owó Meta àti ti àwọn tó ni ẹ̀rọ-èdè tí bọ́ọ̀tì fi ń dáhùn, tí yóò máa jáde nínú káàdì yín. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ n óò máa ka ìbéèrè tó rú bọ́ọ̀tì lójú, n óò sì tún ìdáhùn ṣe. Bí àwọn tó ni ẹ̀rọ-èdè bá pa ẹ̀dà tí a ń lò tì (wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀), èmi ni n óò gbé e sórí tuntun. Tábìlì owó ni tiyín: bí aṣọ bá wọ́n tí ẹ kò yí i níbẹ̀, iye àná ni yóò máa pè. Ohun tí kò sí nínú ímeèlì yìí, iṣẹ́ tuntun ni, a ó dá owó rẹ̀ sọ.

Àdírẹ́sì àwọn oníbàárà wà lábẹ́ Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà ti 2023, a ó sì máa pa wọ́n rẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fèsì "mo gbà," kí ẹ sì fi tábìlì owó ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé ni n óò bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ yín,
Káyọ̀dé