Jẹnẹrétọ̀ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá díẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Tóyọ̀sí nìkan ló kù ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ náà ní Olúyọ̀lé, òun àti Bàbá ọlọ́dẹ lẹ́nu géètì. Bángà ń dún lápá Chálẹ́ǹjì. NẸ́PÀ ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀ ló ń kùn lẹ́yìnkùlé.

Tíráyà bálánsì, ìwé tí wọ́n fi ń wò ó bóyá àròpọ̀ dẹ́bíìtì àti ti kírẹ́díìtì dọ́gba, ti bára mu, kọ́bọ̀ kan ò yẹ̀. Kí Màdáàmù tó lọ múra ìsọ́ òru, ó ti ní bó bá ti bára mu, kí Tóyọ̀sí ti ìwé ọdún pa, kó máa lọ sílé.

Ó kàn ní kóun tún wo àkáǹtì àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Oṣooṣù ni àtúnṣe kì í ju ₦100,000 lọ. Oṣù Kẹwàá ka ₦4,896,000. Kí ni wọ́n tún ṣe tó tó yẹn? Ó tẹ̀ ẹ́: fáọ́ṣà JV-1187, jẹnẹrétọ̀ tuntun, ₦4,800,000. Dẹ́bíìtì, àtúnṣe. Kírẹ́díìtì, báńkì.

Ó gbójú sókè wo gílóòbù. Jẹnẹrétọ̀ yẹn gan-an ló ń fún un níná tó fi ń kàwé. Ẹ̀rọ tí wọ́n máa lò fọ́dún márùn-ún, ìwé ní wọ́n ti ná an tán lọ́jọ́ kan. Tíráyà bálánsì ò sì lè ké: dẹ́bíìtì pé, kírẹ́díìtì pé, àkáǹtì tó wọ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ta ló kọ ọ́? Ó wo ìsàlẹ̀. Òun ni. Ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ ni, tó ń kọ fáọ́ṣà lọ́wọ́ kan, tí fóònù wà lọ́wọ́ kejì.

Ó jókòó pẹ́. Bó bá tì í pa, ó lè má sí ẹni tó máa rí i. Ṣùgbọ́n lára èrè ọdún ni wọ́n ti ń yọ owó ọdún fáwọn tó ń gbé àpò ní wíàháòsì, èrè yẹn sì ti dín.

Ó pe Màdáàmù. Ìlù ń dún lẹ́yìn wọn.

“Ẹ káalẹ́ mà. Ẹ má bínú mà, mo ti ṣe àṣìṣe kan.” Ó rò ó fún wọn.

Màdáàmù dákẹ́ díẹ̀. “Èmi náà ni mo fọwọ́ sí i. Má pa á rẹ́ o. Kọ jọ́nà mìíràn tó máa yí i padà, kí o kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀ gbangba. Mò ń bọ̀.”

Ó kọ ọ́. Dẹ́bíìtì ẹ̀rọ, kírẹ́díìtì àtúnṣe, ₦4,800,000. Lẹ́yìn náà, ó yọ owó gbígbó ẹ̀rọ, ìyẹn ìpín iye rẹ̀ tí wọ́n ti lò, fún oṣù mẹ́ta, ₦80,000 lóṣù, ₦240,000. Èrè fi ₦4,560,000 gòkè. Níbi àlàyé, ó kọ nọ́ńbà àtijọ́ àti orúkọ ara rẹ̀.

Họ́ọ̀nù dún ní géètì. Màdáàmù wọlé nínú aṣọ funfun, gèlè lọ́wọ́. Wọn ò tíì wo kọ̀ǹpútà.

“Bàbá ńkọ́?”

“Wọ́n ti ń rìn, mà.”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.” Wọ́n fa àga mọ́ra, wọ́n mú bírò jáde nínú báàgì. “Ó yá, fi hàn mí.”