Ìwé Ìtọrọ Àṣẹ Ìwádìí láàárín Àwọn Oníṣẹ̀ṣe ní Abẹ́òkúta

Sí Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí,

A ń tọrọ àṣẹ láti fọ̀rọ̀ wá oníṣẹ̀ṣe méjìlá lẹ́nu wò lórí ìyàsọ́tọ̀ tí wọ́n ń rí níbi iṣẹ́ àti lọ́dọ̀ onílé nítorí ẹ̀sìn wọn. Orúkọ àdápè nìkan kò tó láti fi olùkópa pamọ́, nítorí pé ní àdúgbò bí Ìtòkò, oyè awo tàbí agbo ilé lásán lè fi ẹni náà hàn. A ó yọ oyè àti agbo ilé kúrò nínú àkọsílẹ̀, a ó sì pa ohùn tí a gbà sílẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn àdàkọ. Ewu tó ń kọ wá lóminú jù ni pípàdánù iṣẹ́ tàbí ilé. Nítorí náà, olùkópa ni yóò yan ibi ìpàdé, a ó gba àdéhùn rẹ̀ lẹ́nu láìsí ìbuwọ́lùwé, ó sì lè yọwọ́ nígbàkigbà.