Ọ̀rọ̀ Ìkíni fún Màmá Wa ní Ọjọ́ Ìbí 70 Ọdún Wọn

Ọ̀kun o, gbogbo ilé! Alága ní ìṣẹ́jú méjì ni tèmi, ó sì ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ kí n tó dìde. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ọmọ Ìjùmú tí ẹ ti Àbújá àti Èkó wálé, mo kí yín lápapọ̀. Màmá, mo kúnlẹ̀.

Àwọn àgbà a máa sọ pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Kí wọ́n má bínú sí mi o, ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn kò dé Ògìdì rí, kò sì bá màmá mi gbélé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òfì wọn wà, ó dúró ti ògiri, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè yọ́ kọjá lẹ́yìn wọn. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí a ó ti máa gbọ́ apásà: gbà, gbà, gbà. Bí a bá ti ilé ìwé dé, tí a jẹun tán, ẹ̀gbẹ́ òfì yẹn náà la ó jókòó sí. Màmá ò kàwé, ṣùgbọ́n dandan ni kí a ka ẹ̀kọ́ wa sókè kí wọ́n gbọ́. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n, ọ̀rọ̀ tó bá ti le, fífò ni mo máa ń fò ó. Apásà á sì dákẹ́. Wọn ò ní wẹ̀yìn o. Wọ́n á kàn ní: “Ohùn rẹ já níbẹ̀ yẹn. Padà lọ so ó.” Màmá, ẹ ò mọ á, ẹ ò mọ bí. Bí ẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Àwọn tíṣà mi gan-an ò fetí sí mi tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, a sùn ní Kwárà, a jí ní Kogí. Inú wa dùn, a jó. Ṣùgbọ́n bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin, di ará Lọ́kọ́ja, owó oṣù kan wá ń bọ́ ilé méjì. Láti ìgbà náà lọ, àtùpà ni Màmá fi ń hunṣọ lóru.

Ọdún tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, Màmá hun ìró kan fún ara wọn. Aláró ni, ó ní ìlà funfun tín-ín-rín létí. Gbogbo wa la fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ọjọ́ Kérésì làwọn máa ró o. Ọjọ́ ọjà dé, ìró bá wọn lọ sí Kàbà, kò bá wọn bọ̀. A béèrè. Wọ́n ní: “Ó ti kéré sí mi.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ìró mà ni! Ìró wo ló ń kéré? Wọn ò tíì ró o lẹ́ẹ̀kan péré. Àwa ń rẹ́rìn-ín, a ò mọ̀ pé owó ìdánwò ni wọ́n so mọ́ etí aṣọ bọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n mi rèé lójúkojú yín, nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n lónìí. Ẹ bá mi bi wọ́n pé aṣọ ta ni wọ́n wọ̀ dé ibẹ̀.

Màmá, ẹ ṣeun fún ìró yẹn. Ẹ ṣeun tí ẹ ò gbà kí n fo ọ̀rọ̀ tó le. Àwa ọmọ yín àti àwọn ọmọ ọmọ yín ń dúpẹ́, títí kan àwọn tí ẹ ń fi ohùn jí lórí Wasáàpù ní aago márùn-ún ìdájí.

Ẹ wo ìdí wọn, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn. Aláró, ìlà funfun létí. Ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ló bá wa hun ún, ó ní òun rántí bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí. Màmá, bí ẹ bá sọ lọ́la pé eléyìí náà ti kéré, a ó mọ̀ pé ẹ ti tà á ni.

Ó yá, ẹ dìde, ẹ gbé ife. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fọtí kan ẹnu, mọ́ọ̀tì wà, omi tútù náà ò burú. Bí mo bá ní “Màmá wa o!”, ẹ ó ní “Ẹ pẹ́ fún wa!”

Màmá wa o!