Ayọ̀mídé, ka èyí kí o tó lo káàdì náà

Ayọ̀mídé ọmọ mi,

Káàdì tí o kò jẹ́ kí n sinmi lé lórí ti dé o. Ó wà nínú àpòòwé yìí. Orúkọ rẹ ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ síwèé fún un, torí ọjọ́ orí rẹ kò tíì tó. Jọ̀ọ́ kà á tán. Mo mọ̀ ọ́, wàá ka ìlà méjì, wàá sì sá jáde.

Káàdì yìí kò so mọ́ owó mi ní báńkì. Owó tí mo bá fi sí i nìkan ló wà níbẹ̀, bó bá sì tán, ó tán nìyẹn. Kò lè jẹ gbèsè, báńkì kò sì ní fi tiwọn kún un fún ọ. Bí owó ọjà bá fi díẹ̀ ju ohun tó kù nínú rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́ pátápátá, kò ní mú èyí tó rí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Sọ fún olùtajà pé kí ó yọ iye báyìí lórí káàdì, kí o fi owó ọwọ́ dí ìyókù. Ìwọ lo máa sọ iye náà o, torí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í fi iye tó kù hàn án. Nítorí náà, yẹ áàpù káàdì náà wò lórí fóònù rẹ kí o tó tò sórí ìlà.

Ọjọ́ kìíní oṣù ni màá máa fi owó sí i, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá tán lọ́jọ́ kẹwàá, wàá dúró de oṣù tó ń bọ̀. Àfi ti oògùn tàbí owó ọkọ̀ tó máa gbé ọ délé, ìyẹn kò nílò ẹ̀bẹ̀, pè mí ni.

Lójúmọ́, kò ní jẹ́ kí o ná ju ìdá kan nínú mẹ́rin owó oṣù lọ. Èmi ni mo ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí olè bá gbé e, kò ní lè kó gbogbo rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, bí inú rẹ bá sì dùn jù níbi ìnáwó kan, nǹkan á ṣì kù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lo lè fi gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, torí wọ́n ń yọ owó iṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì ń gba díẹ̀díẹ̀, owó iṣẹ́ ló ń kó fún wọn. Mo ti ti ilẹ̀kùn tẹ́tẹ́ àti ilé ọtí pa. Má wulẹ̀ dán an wò, àtẹ̀jíṣẹ́ á dé bá mi pé o gbìyànjú.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù ni àwọn áàpù tó ń pariwo pé ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ 7. Wọ́n á gba nọ́ńbà káàdì rẹ lọ́jọ́ kìíní, o ò ní rí nǹkan kan, ní ọjọ́ kẹjọ wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó. Bí wọn kò bá bá owó nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tún padà wá. O lè jí lọ́jọ́ kìíní oṣù kí o rí i pé wọ́n ti ṣáájú rẹ débẹ̀. Kí o tó tẹ nọ́ńbà síbẹ̀, pè mí ká jọ wò ó. Bí o bá sì fẹ́ kúrò, yíyọ áàpù wọn lórí fóònù kò tó, inú àkáǹtì rẹ lọ́dọ̀ wọn lo ti máa fagi lé e.

Mò ń rí orúkọ ilé ìtajà àti iye tí o ná. Ohun tí o rà, n kò rí i, mi ò sì ní máa bi ọ́ léèrè lójoojúmọ́.

Nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin yẹn, má fi ọdún tí wọ́n bí ọ ṣe é, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀ ọ́n. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, káàdì á tì pa. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì náà kì í ṣe ohun à ń yà fọ́tò. Ẹni tó bá pè pé báńkì ni òun, tó ní kí o ka kóòdù tó wọ fóònù rẹ fún òun, olè ni. Gé ìpè náà, kódà bó bá mọ orúkọ mi.

Bí o bá wá káàdì náà tì, tẹ ibi tí wọ́n kọ Freeze sí nínú áàpù kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú yàrá. Bó bá jáde lábẹ́ ìrọ̀rí, ibẹ̀ náà la ti ń ṣí i padà. Bó bá sọnù lóòótọ́, wọ́n á fún wa ní òmíràn, owó tó kù á sì bọ́ sórí tuntun. Da nọ́ńbà báńkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kọ sínú ìwé, má fi í sínú fóònù nìkan, torí ìwọ a máa kó fóònù àti káàdì sápò kan náà.

Mọ́mì ẹ