Àtúntò ilé-iṣẹ́ wa: ohun tó máa yí padà láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá

Sí: Gbogbo òṣìṣẹ́, Olúyọ̀lé àti Ògbómọ̀ṣọ́
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, 2024

Ẹ̀yin ènìyàn mi,

Ẹ kú iṣẹ́. A máa pa ààrò Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, Ìbàdàn nìkan la ó sì ti máa yan búrẹ́dì lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ mọ́kànlá ni kò ní sí mọ́. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá a kiri nínú lẹ́tà.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tójú wa ti rí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ jùlọ àlìkámà tí wọ́n fi ń lọ fúláwà wa ti ń wá, nítorí náà bí dọ́là ṣe ń gòkè ni àpò fúláwà ń bá a gòkè. Ní oṣù kẹrin ọdún yìí, owó iná Báǹdì A tí a ń lò ní Olúyọ̀lé kúrò ní bíi náírà 68, ó di náírà 225 lórí yúníìtì kan. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí dísù la fi ń yan búrẹ́dì níbẹ̀. Oṣù méje gbáko ni owó tó ń ti ààrò yẹn wọlé kò fi tó owó dísù rẹ̀. Kì í ṣe àìṣiṣẹ́ ẹnikẹ́ni ló fà á. Búrẹ́dì Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn oníbàárà wa kì í ráhùn nípa rẹ̀ rárá.

Èèyàn 38 ló wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn 12 tó ń tà, tó sì ń gbé ọjà káàkiri, dúró síbẹ̀. Mọ́tò á máa gbé búrẹ́dì wá bá wọn láti Ìbàdàn ní òròòru. Àyè 17 wà ní Olúyọ̀lé fún àwọn tó ń po ìyẹ̀fun àti àwọn tó ń yan án, owó oṣù wọn kò sì ní dín kù. Iṣẹ́ mẹ́sàn-án ni kò ní àyè. Ní Olúyọ̀lé, ẹ̀ka tó ń ra ọjà àti ẹ̀ka ilé ìkẹ́rù á di ọ̀kan, iṣẹ́ méjì á sì lọ níbẹ̀.

A kò tíì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Òfin iṣẹ́ ní ká sọ ìdí àti iye rẹ̀ fún aṣojú òṣìṣẹ́, ó sì ní ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú pé ká wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti ìwà. A ó jókòó pẹ̀lú àwọn aṣojú yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ọjọ́ 20 oṣù yìí tó pé, gbogbo ẹni tó kàn ni á ti gbọ́ látẹnu mi, lójúkojú. Kò sí ẹni tó máa rí i lórí fóònù.

Ẹni tó bá ń lọ á gba owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó ti lò, kò sì ní dín sí oṣù mẹ́ta, bó ti wù kó pẹ́ tó lọ́dọ̀ wa. Gbogbo owó pẹ́ńṣàn rẹ̀ á ti wọlé kó tó lọ. Ẹ rántí pé ẹni tí kò bá tíì pé 50 ọdún, tí kò rí iṣẹ́ mìíràn fún oṣù mẹ́rin, lè béèrè títí dé ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó yẹn.

Ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ìbàdàn, a ó san owó ìkẹ́rù, a ó sì yá a ní owó ilé ọdún kan láìsí èlé, yóò máa san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 12. Mo mọ̀ pé ilé ìwé ń wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Òbí tí kò bá fẹ́ yọ ọmọ kúrò nílé ìwé láàárín táàmù lè dúró dìgbà ìsinmi oṣù kejìlá. A ó fún un níṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà títí dìgbà náà.

Láti oṣù yìí, owó oṣù tèmi ti dín ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn mánéjà ti dín ní ìdá 10. Mi ò lè búra pé nǹkan kò ní yí padà mọ́. Ohun tí mo lè sọ, tí ẹ sì lè fi dì mí mú, ni pé a kò ní dín òṣìṣẹ́ kù mọ́ kí oṣù kẹta 2025 tó parí. Lọ́dún tó kọjá, ẹnu àwọn oníbàárà lẹ ti gbọ́ pé a ti pa sífíìtì alẹ́. Ìyẹn dùn yín, ẹ sì jàre. Mo bẹ̀ yín. Láti ìsinsìnyí, iye tí a ń tà àti iye tó ń lọ sórí epo àti iná á máa wà lára pátákó ilé oúnjẹ lóṣooṣù, kí ojú gbogbo wa lè tó o.

Mo máa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́rú ní aago méjì ọ̀sán, ní Olúyọ̀lé lọ́jọ́bọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ wá pẹ̀lú ìbéèrè yín, títí kan èyí tó le. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ ti ẹ̀ láàárín èrò, mi ò ní kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Olùdarí Àgbà