Ẹ Kú, Ẹ Kú: Ìkíni Yorùbá fún Àwọn Ọmọ Wa Lókè Òkun

[Àǹtí jókòó sórí ẹní. Ó ń juwọ́ sí àwọn ọmọ.]

ÀǸTÍ: Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjókòó o! Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ jókòó, mo sì kí yín kú ìjókòó. Yorùbá kì í rí èèyàn kó dákẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, o jí, o rí Mọ́mì. Ọmọkùnrin, dọ̀bálẹ̀. Ọmọbìnrin, kúnlẹ̀. Ẹ káàárọ̀, mà! Ó yá, ẹ wí i.

[Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó fọwọ́ sétí.]

N ò gbọ́ dáadáa. Ẹ káàárọ̀, mà!

[Ó tún dákẹ́.]

Áà, ẹ ṣeun! Mọ́mì á dáhùn pé, “Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?” Ìwọ náà á ní, “A dúpẹ́, mà.” Ẹ wí i: A dúpẹ́, mà.

“Ẹ” tó ṣáájú yẹn ṣe pàtàkì. Àgbà la fi ń bọ̀wọ̀ fún. Bó bá jẹ́ àbúrò rẹ, “káàárọ̀” ti tó. Bí wọ́n bá pé méjì ńkọ́? “Ẹ” náà ni, bí wọ́n tilẹ̀ kéré.

Ọ̀sán: Ẹ káàsán. Ìrọ̀lẹ́: Ẹ kúùrọ̀lẹ́. Alẹ́: Ẹ káalẹ́. Tá a bá fẹ́ lọ sùn: Ó dàárọ̀!

[Àwòrán: oòrùn wà lágbedeméjì ọ̀run.]

Ìbéèrè! Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ wọlé báyìí. Ṣé “Ẹ káalẹ́” ni, àbí “Ẹ káàsán”?

[Ó ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta.]

Ẹ káàsán, mà! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín.

Ó wá ku èyí tí mo fẹ́ràn jù: “kú”. Dádì ń fọ abọ́? Ẹ kú iṣẹ́, sà! Wọ́n ti ìrìn àjò dé? Ẹ kú ìrìn àjò, sà! Yìnyín ń bọ́ níta? Ẹ kú òtútù, sà! Ẹ wí i: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìrìn àjò. Ẹ kú òtútù.

Ìbéèrè kejì le díẹ̀. Ìgbà òtútù ni, ní Tòróńtò. Aago mẹ́jọ àárọ̀ lù, ẹ fẹ́ pe Ìyá Àgbà ní Ìbàdàn. Aago wọn fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú tiyín. Báwo lẹ ṣe máa kí wọn?

[Ó ka oókan dé aárùn-ún. Fóònù ń dún.]

Aago méjì ọ̀sán ti lù lọ́dọ̀ wọn! Gbogbo yín, ó yá:

ÀWỌN ỌMỌ: Ẹ káàsán, mà!

ÌYÁ ÀGBÀ [lórí fóònù]: Háà! Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ kú òtútù o!